Itoko ni àbí Itoku? Bí o ṣe máa kọ̀wé sí àǹtí rẹ nípa ọ̀rọ̀ tí kò ṣeé kà nínú lẹ́tà olóògbé ọkọ wọn

Ká sọ pé lẹ́tà náà ti wà nínú àpótí láti ìgbà tí wọ́n ṣì ń ná ṣílè. Ọkọ àǹtí rẹ ló kọ ọ́ sí bàbá rẹ ní 1964, nígbà tó ń ṣiṣẹ́ rélùwéè ní Sáríà. Bàbá rẹ ti di olóògbé, ẹni tó kọ ọ́ náà ti lọ, ó wá ku àǹtí rẹ ní Abẹ́òkúta, tí wọ́n ti ń ka ọwọ́ ìkọ̀wé ọkùnrin náà láti ìgbà tí wọ́n ti ń fẹ́ra sọ́nà. Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà nínú rẹ̀ tí o wò wò wò tí ojú ń ro ọ́. O fẹ́ bi wọ́n.

Bí ilé yín tilẹ̀ kọjú síra, kọ ọ́ sí ìwé. Tí o bá gbé lẹ́tà àtijọ́ ka iwájú àgbàlagbà lójijì, ohun tó bá kọ́kọ́ sọ sí wọn lọ́kàn ni wọn yóò sọ, torí wọn ò ní fẹ́ kó dà bíi pé àwọn ò mọ̀ ọ́n. Ìwé á fún wọn láyè láti wò ó láàárọ̀ nígbà tí ojú ṣì ń ríran dáadáa, kí wọ́n gbé e sílẹ̀, kí wọ́n tún un wò lọ́jọ́ kejì. Ìdáhùn wọn á sì wà lákọsílẹ̀, tí ẹnikẹ́ni ò ní máa jiyàn pé báyìí kọ́ ni wọ́n wí.

Ohun kan ṣáájú: tí kò bá tíì pé ọdún tí olóògbé lọ, dá a dúró. Lẹ́tà yẹn ti dúró láti 1964, kò sí ibi tó ń lọ.

Kọ́kọ́ dín ọ̀rọ̀ náà kù

Fa ìlà pẹ́ńsù sábẹ́ gbogbo ọ̀rọ̀ tí o kò lè kà, àmọ́ lórí fọ́tókọ́pì ni o, má fọwọ́ kan ojúlówó. Á yà ọ́ lẹ́nu bí wọ́n ṣe máa pọ̀ tó. Má tíì gbé wọn lọ bá àǹtí. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kì í ṣe pé kò ṣeé kà, àkọtọ́ àtijọ́ ló ń dà ọ́ láàmú. Àkọtọ́ tí à ń lò báyìí, 1974 ni ìjọba fọwọ́ sí i. Ẹni tó lọ sílé ìwé ṣáájú ìgbà yẹn, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ ló máa ń kọ ọ́ títí ayé rẹ̀: "aiye" ló máa kọ fún ayé, "enia" fún ènìyàn, "obirin" fún obìnrin, "nwon" fún wọ́n, "yio" fún yóò, "on" fún òun. "Ng o de" tí o rí níbẹ̀ kì í ṣe èdè Ìjẹ̀bú, "n ó dé" ni. Bí o bá rí àmì tó dà bí ejò kékeré lórí fáwẹ̀lì, bíi "nã", ohun tó ń sọ ni pé fáwẹ̀lì náà di méjì: náà ni. Ọ̀pọ̀ ló máa ń pe ejò kékeré yẹn ní ìdọ̀tí, tàbí kí wọ́n kà á mọ́ lẹ́tà tó wà lórí ìlà tó ṣáájú. Àmì ohùn kì í sábà sí níbẹ̀, àmì abẹ́ lẹ́tà náà sì lè má sí, tàbí kó jẹ́ ìlà kékeré tó nàró dípò àmì róbótó kan ṣoṣo.

Owó náà máa ń da ni láàmú. Kó tó di ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 1973 tí náírà dé, pọ́n-ùn, ṣílè àti kọ́bọ̀ àtijọ́ la ń ná: kọ́bọ̀ méjìlá nínú ṣílè kan, ogún ṣílè nínú pọ́n-ùn kan. "7/6" kì í ṣe ọjọ́ oṣù. Ṣílè méje àti sísì kan, ìyẹn kọ́bọ̀ mẹ́fà, ni. "10/-" ni ṣílè mẹ́wàá géérégé. Lẹ́tà "d" tó tẹ̀ lé nọ́ńbà dúró fún kọ́bọ̀, ọ̀pọ̀ sì ń kà á sí 6 tàbí òdo tó nírù. "£3-10-0" jẹ́ pọ́n-ùn mẹ́ta àti ṣílè mẹ́wàá. Nígbà tí wọ́n pààrọ̀ owó, pọ́n-ùn kan di náírà méjì, nítorí náà ₦7 ni yẹn. O ò nílò àǹtí láti mọ èyí.

Lẹ́yìn náà, lo èdè Yorùbá fúnra rẹ̀ bí ajọ̀. Kò sí c, q, v, x tàbí z nínú álífábẹ́ẹ̀tì wa. Tí o bá rí ohun tó jọ "v" nínú ọ̀rọ̀ Yorùbá, ó lè jẹ́ "r". Èyí tó jọ "c" lè jẹ́ "e" tí ojú rẹ̀ dí tàbí tí íńkì rẹ̀ ti parẹ́. Ọ̀rọ̀ Yorùbá kì í parí sí kọ́ńsónáǹtì, àfi "n" tó ń ti fáwẹ̀lì lẹ́yìn láti gba imú, bíi nínú "ọkùnrin". Nínú Yorùbá àjùmọ̀lò, kò sí ọ̀rọ̀ tó fi "u" bẹ̀rẹ̀, nítorí náà "u" tí o rò pé o rí níbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ lè jẹ́ "n", tàbí "a" tí orí rẹ̀ ò pàdé. Orúkọ èèyàn, orúkọ Lárúbáwá, orúkọ ìlú òkè Ọya àti ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì lè má tẹ̀ lé òfin yìí, rántí bẹ́ẹ̀.

Tí o bá ṣe gbogbo èyí, ohun tó kù yóò jẹ́ orúkọ èèyàn, oríkì, ìnagijẹ, orúkọ àdúgbò, àti ọ̀rọ̀ tí omi tàbí ibi ìká ìwé ti jẹ. Àwọn wọ̀nyí ni ti àǹtí.

Ìlà tí a ó fi ṣe àpẹẹrẹ

Ẹ jẹ́ ká mú ìlà kan tí ó kó ìṣòro mẹ́ta pọ̀, ká fi ṣiṣẹ́. Ohun tí ojú rí ni mo kọ síhìn-ín, àmì ìdánudúró sì dúró fún lẹ́tà tí kò hàn:

"Mo fi £3-10-0 ran G.d. ki o mu u fun Iya ni Itok. ki on to lo si oko. E ba mi ki A..ke."

Mú Itok. lákọ̀ọ́kọ́. Lẹ́yìn k, kó jẹ́ fáwẹ̀lì. Kò lè jẹ́ "n", bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó jọ ọ́, torí kò sí ọ̀rọ̀ wa tó ń parí sí "kn". O àti u ló kù tó mú ọgbọ́n dání. Ibẹ̀ ni wàhálà wà, nítorí Itoko wà ní Abẹ́òkúta, Itoku tí wọ́n ti ń ta àdìrẹ náà wà ní Abẹ́òkúta. Lẹ́tà kan ṣoṣo ló yà wọ́n.

Kí o tó béèrè, wo ọwọ́ ẹni náà. Nínú lẹ́tà kan náà, ó ti kọ "Abeokuta" lókè, ó sì ti kọ "oko" nínú ìlà yìí gan-an. O ti ní "ku" kan àti "ko" kan láti ọwọ́ kan náà, íńkì kan náà, ọjọ́ kan náà. Ya méjèèjì tóbi, tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ Itok. Wo bí gègé ṣe kúrò lára k: ṣé ó gòkè lọ kó tó yí padà, àbí ó lọ tààrà sísàlẹ̀? Ọ̀pọ̀ tó kọ́ ìkọ̀wé àkànpọ̀ ní ilé ìwé ìgbà náà máa ń dé orí o kí wọ́n tó yí i ká, wọn a sì fi ìrù kékeré gbé e kúrò láti òkè. Ti u máa ń jáde láti ìsàlẹ̀. Àmọ́ má dájú jù. U tó wà nínú "Abeokuta" ní t lẹ́yìn tó ń fà á lọ síwájú, èyí tó wà lẹ́yìn Itok kò ní ohunkóhun lẹ́yìn, ọwọ́ sì máa ń jáwọ́ kíá nípẹ̀kun ọ̀rọ̀. Bí ó bá ṣì kù ọ́ díẹ̀, fi sílẹ̀ fún àǹtí.

A..ke wà ní ojú ibi tí wọ́n ti ká ìwé, íńkì sì ti ṣí kúrò níbẹ̀. Oríkì obìnrin ni, èyí hàn gbangba, ṣùgbọ́n wo iye tó wà: Àbẹ̀kẹ́, Àjọkẹ́, Àdùkẹ́, Àmọ̀kẹ́, Àlàkẹ́, Àṣàkẹ́. Gbogbo wọn ló fi A bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n sì fi ke parí. Ìwọ ṣì lè dín wọn kù. Ìrù j máa ń gùn wọ abẹ́ ìlà. Bí kò bá sí ìrù kankan lábẹ́, Àjọkẹ́ ti jáde. B, d àti l máa ń ga ju ẹgbẹ́ wọn lọ, m àti s kì í ga. Tí o bá rí ṣóńṣó kan tó yọ sókè kọjá ojú ìká náà, Àmọ̀kẹ́ ti jáde. Àṣàkẹ́ náà jáde, ṣùgbọ́n ṣọ́ra, torí àwọn àtijọ́ a máa kọ ọ́ ní Ashake, h sì ga. Ó ku Àbẹ̀kẹ́, Àdùkẹ́, Àlàkẹ́ àti Àṣàkẹ́ onísh. Ìwọ ò lè kọjá ibẹ̀.

G.d. nìkan ni kò gbà. Lẹ́tà ńlá ló mú wa rò pé orúkọ èèyàn ni. Fi sí apá kan ná.

Bí o ṣe máa ya ìlà náà kí àgbàlagbà lè rí i

Má fi ojúlówó ránṣẹ́. Kì í ṣe pé àǹtí á sọ ọ́ nù, ọmọ kan lè fi gbé mọ́ínmọ́ín. Àwòrán ìlà náà ni kó lọ.

Gbé ìwé sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ wíńdò láàárọ̀, níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà ṣùgbọ́n tí oòrùn kò tàn sí i lójú. Pa fíláàṣì fóònù. Di fóònù mú kí ó tẹ́jú bí ìwé ṣe tẹ́jú, nítorí bí ó bá dagun, lẹ́tà apá kan á tóbi ju ti ìkejì, o ó sì máa fi o tó fẹ̀ wé o tó tín-ín-rín. Bí ìwé bá ti ká, fi rúlà méjì tẹ etí rẹ̀ mọ́lẹ̀, má ṣe fi áyọ́ọ̀nù tẹ̀ ẹ́, ooru a máa mú kí íńkì kan ṣá.

Bí báírò ni wọ́n fi kọ ọ́, ọgbọ́n kan wà tó ń ṣiṣẹ́ gan-an. Pa iná yàrá, gbé tọ́ọ̀ṣì lélẹ̀ sí etí ìwé kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ gbá orí ìwé kọjá lọ ní ẹ̀gbẹ́. Báírò máa ń tẹ ìwé wọlé, ojú ipa yẹn á ṣú, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á mọ́lẹ̀, wàá sì rí ọ̀rọ̀ tí íńkì rẹ̀ ti lọ tán. Yí tọ́ọ̀ṣì náà lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ya á lẹ́ẹ̀kejì, nítorí ipa tó bá nà tẹ̀ lé ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń bọ̀ kì í ní òjìji. Gègé onííńkì kì í tẹ ìwé tó bẹ́ẹ̀. Tirẹ̀, íńkì aláwọ̀ búlúù tó ti di àwọ̀ ilẹ̀, gbé àwòrán rẹ̀ lọ sí ibi tí fóònù ti ń tún àwòrán ṣe, fa "Contrast" sókè díẹ̀díẹ̀. Bí o bá fà á jù, àbàwọ́n ìwé á di lẹ́tà.

Bí wọ́n bá kọ sí ojú méjèèjì ìwé, gbé e sókè sí ojú wíńdò kí o wo èyí tó wá láti ẹ̀yìn. Ọ̀pọ̀ "t" tí a rí jẹ́ "l" tí ìlà kan láti ojú kejì là kọjá.

Má fi sẹ́lótéèpù di ibi tó ya, gọ́ọ̀mù rẹ̀ á wọ inú ìwé, á sì pọ́n. Má rin ín lómi. Má fi báírò tún orí rẹ̀ kọ, tí o bá ṣe bẹ́ẹ̀, èrò tìrẹ ni gbogbo ẹni tó bá tún wò ó máa rí.

Gé àwòrán náà kó jẹ́ odidi ìlà, pẹ̀lú díẹ̀ nínú ìlà tó wà lókè àti èyí tó wà nísàlẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí a gé jáde kì í ṣeé kà, àní ẹni tó kọ ọ́ gan-an lè má mọ̀ ọ́n. Tẹ̀ ẹ́ jáde ní ìlọ́po mẹ́ta: tí o bá jẹ́ pé lẹ́tà o ga tó mílímítà méjì lórí ìwé, kó tó mẹ́fà lórí bébà. Ìlà mẹ́ta lórí bébà kan tó. Kọ nọ́ńbà ńlá sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí o sì fa ọfà kékeré sí ọ̀rọ̀ tí ò ń béèrè láti ẹ̀gbẹ́ òde, kó má fara kan lẹ́tà.

Ó ku ohun kan tí ọ̀pọ̀ kì í rò. Bàbá rẹ ni wọ́n kọ lẹ́tà yìí sí, àǹtí rẹ kọ́. Ọkùnrin tó ń kọ̀wé sí ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀ lè fẹjọ́ sùn, lè sọ ìjà tó ti parí, lè sọ ọ̀rọ̀ obìnrin mìíràn. Ka gbogbo lẹ́tà náà látòkè délẹ̀ kí o tó gé ìlà kankan ránṣẹ́, kí o sì wo ìlà tó wà lókè àti nísàlẹ̀ dáadáa. Bí ìlà tó ń tani lára bá wà nítòsí, gé e kúrò, bí àwòrán náà ò tilẹ̀ wá hàn kedere mọ́. Bí ọ̀rọ̀ tí o kò lè kà bá sì wà láàárín irú ìlà bẹ́ẹ̀, kó wà bẹ́ẹ̀.

Kíkọ lẹ́tà náà

Kí ló máa ń wá sọ́kàn opó ní Abẹ́òkúta nígbà tí ọmọ ẹ̀gbọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí béèrè ohun tí ọkọ wọn kọ nípa owó àti àdúgbò? Ilẹ̀ ni. Sọ ìdí rẹ ní gbólóhùn kan kí o tó béèrè ohunkóhun. Bí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ bá wà níbẹ̀ lóòótọ́, má fi í pamọ́ sábẹ́ ìwé kíkà, gbé e lọ síwájú ẹbí lọ́tọ̀. Kí lẹ́tà tó dé, pe ọmọ wọn àgbà, sọ fún un pé ìwé ń bọ̀ àti ohun tó wà nínú rẹ̀.

Má pe olóògbé ní "ọkọ yín tó kú". Bí o ṣe ń pè é nígbà ayé rẹ̀ ni kí o pè é. Bí ìbejì ni àwọn ọmọ wọn, Bàbá Ìbejì àti Ìyá Ìbejì náà ni.

Béèrè ìbéèrè mẹ́ta, kò gbọdọ̀ ju márùn-ún lọ. Lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, bi wọ́n ní ohun méjì: ohun tí wọ́n rí lórí ìwé, àti ohun tí wọ́n mọ̀. Èyí ni ọkàn iṣẹ́ náà. Tí o bá béèrè ẹyọ kan, ìmọ̀ wọn á dáhùn fún ojú wọn. Wọ́n mọ̀ pé Itoko ni Ìyá ń gbé, wọn á kọ Itoko, wọn ò tilẹ̀ ní wo lẹ́tà tó parí ọ̀rọ̀ náà.

Má sì sọ èrò tìrẹ nípa orúkọ, owó tàbí àdúgbò. Àgbàlagbà tó nífẹ̀ẹ́ rẹ máa gbà pé o ti kà á tọ́, torí ìwọ lo lọ sílé ìwé gíga. Sọ lẹ́tà tó dá ọ lójú nìkan, fi àlàfo sílẹ̀ fún ìyókù. Tẹ lẹ́tà náà ní ìwọ̀n 18, fi àyè tó gùn sáàárín ìlà, kí àlàfo ìdáhùn tó ìka mẹ́rin, ọwọ́ tó ń gbọ̀n ò lè kọ̀wé sínú ihò abẹ́rẹ́.

Báyìí ló ṣe máa rí. Àdírẹ́sì rẹ àti ọjọ́ wà lápá ọ̀tún lókè, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ.

Ìyá Ìbejì mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ṣé ara le? Táíwò àti Kẹ́hìndé ńkọ́, àwọn ọmọ ọmọ ńkọ́? Àlàáfíà la wà níbí, a dúpẹ́.

Mo rí lẹ́tà mẹ́fà tí Bàbá Ìbejì kọ sí bàbá mi láti Sáríà nínú àpótí bàbá mi. Mo ń dà wọ́n kọ sínú ìwé tuntun kí àwọn ọmọ lè rí wọn kà. Kò sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tàbí ogún nínú ohun tí mo fẹ́ bi yín, ìwé kíkà lásán ni. Ọ̀dọ̀ mi ni àwọn lẹ́tà náà wà, ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ rí wọn, màá kó wọn wá.

Ibi mẹ́ta ni n ò lè kà. Mo ti ya wọ́n tóbi sórí bébà kejì, ẹ ó rí nọ́ńbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

1. Bàbá kọ ọ́ pé: "Mo fi £3-10-0 ran ________ ki o mu u fun Iya." G ńlá ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, mo sì rí d láàárín. Kí ni ojú yín rí níbẹ̀? ________ Ta ni ẹ mọ̀ tó máa ń bá Bàbá mú owó wálé? ________

2. "Fun Iya ni Itok___ ki on to lo si oko." Lẹ́tà wo ni ojú yín rí lẹ́yìn k? ________ Níbo ni Ìyá ń gbé nígbà náà, níbo ni wọ́n sì ti ń tajà? ________

3. "E ba mi ki A______ke." Ojú ibi tí wọ́n ká ìwé ló bọ́ sí. Kí ni ojú yín rí? ________ Ta ni nínú ilé tí Bàbá máa ń kí nínú lẹ́tà, tí oríkì rẹ̀ rí báyìí? ________

Èyí tí kò bá hàn, ẹ fi àlàfo rẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ má jẹ́ kó dà yín láàmú. Bí ọwọ́ ò bá fẹ́ kọ̀wé, ẹ jẹ́ kí Táíwò kọ ohun tí ẹ bá sọ. Màá pè yín lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Èmi ni ọmọ yín,

Orúkọ rẹ ló kàn. Ṣàkíyèsí pé a kò béèrè ọjọ́ tí wọ́n kọ lẹ́tà náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nọ́ńbà rẹ̀ lè jẹ́ 4 tàbí 9. Àǹtí ò lè rántí ìyẹn. Òǹtẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́ tó wà lórí sítáǹbù ló mọ̀ ọ́n, nítorí náà má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bó sítáǹbù kúrò lára àpò ìwé.

Nígbà tí ìdáhùn bá dé

Tí ojú àǹtí ò bá ríran mọ́, ẹlòmíràn ló máa ka ìwé náà sí wọn létí. Bá ẹni yẹn sọ̀rọ̀ lọ́tọ̀: kí ó ka ìlà náà títí dé àlàfo, kí ó dákẹ́ níbẹ̀, kí ó má ṣe dábàá ọ̀rọ̀ kankan. Kí ó sì ṣàpèjúwe ohun tó rí, "ohun kan ga níbí, kò sí ìrù nísàlẹ̀". Bí wọ́n bá fẹ́ràn láti sọ̀rọ̀, kí wọ́n gbà á sílẹ̀ lórí Wáàsáàpù, kí ó jẹ́ gbogbo ọ̀rọ̀ wọn, má ṣe jẹ́ kí ọmọ gé e kúrú. Inú ọ̀rọ̀ tó jọ pé wọ́n ń yà bàrá ni ìdáhùn sábà máa ń wà.

Nínú àpẹẹrẹ wa, ká sọ pé ohun tó padà wá rèé. Sí ìbéèrè kejì, wọ́n kọ u, wọ́n sì sọ pé Itoko ni Ìyá ń gbé, àmọ́ Itoku ni wọ́n ti ń ta àdìrẹ, òwúrọ̀ ọjọ́ ọjà lèèyàn lè bá wọn níbẹ̀. Tí o bá béèrè ẹyọ kan, Itoko ni ò bá gbà. Sí ìkẹta, wọ́n fi ti ohun tí wọ́n rí sílẹ̀, wọ́n kọ Àlàkẹ́ sí ti ohun tí wọ́n mọ̀. Padà sí lẹ́tà yòókù márùn-ún, wò ó bóyá ó kí Àlàkẹ́ níbẹ̀. Bí ó bá kí i nínú méjì, ó ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, bí kò bá sí, ó ṣì jẹ́ "bóyá".

Èyí àkọ́kọ́ ni wọ́n rẹ́rìn-ín sí. Gadi ni. Kì í ṣe orúkọ ẹnikẹ́ni, gáàdì ọkọ̀ ojú irin ni, òun ni àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè máa ń fi owó rán, ẹni tó bá sì ń retí owó á lọ pàdé rẹ̀ ní ibùdókọ̀ Lafenwá. Wàyí o, padà wo ìlà náà: a wà láàárín G àti d, i wà lẹ́yìn d, àmì róbótó tó wà lórí i sì wà níbẹ̀ látìgbà náà, ìwọ lo pè é ní àbàwọ́n.

Nínú ìwé tí o ń dà á kọ sí, fi ọ̀rọ̀ tí ẹ rí kà síbẹ̀, kí o sì kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí o ṣe mọ̀ ọ́n:

Gadi: Ìyá Ìbejì kà á, wọ́n sì mọ̀ ọ́n. Mo tún un wò, ó bá lẹ́tà tó wà níbẹ̀ mu.

Itoku: Ìyá Ìbejì rí u lórí ìwé. Itoko ni Ìyá ń gbé, Itoku ni wọ́n ti ń tajà.

A[la]ke: Ìyá Ìbejì mọ̀ ọ́n, wọn ò rí i lórí ìwé. Ojú ìká.

Kọ ọjọ́ tí wọ́n dáhùn sí i, kí o sì fi bébà ìdáhùn wọn sínú fáìlì kan náà pẹ̀lú lẹ́tà 1964 náà, láìfi pínnì so wọ́n pọ̀, pínnì á dógùn-ún.